Àtẹ ìkàwé ọ̀sẹ̀ kan fún ọmọ SS3 tí iṣẹ́ ilé wà lọ́rùn rẹ̀

Ní oṣù kìíní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú mi wọ yàrá wọn ní Kubwa níbí, ó ní kí n wá wo táìmù-tébù òun lára ògiri. Bírò aláwọ̀ mẹ́rin ló fi kọ ọ́, ó sì fi rúlà fa ìlà rẹ̀ gún régé. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí 5, ìṣirò. Aago 5 sí 6, kẹ́mísìrì. Aago 6 sí 7, físíìsì. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí di aago 10 alẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Mo bi í pé, "Ta ló ń se oúnjẹ alẹ́ nílé yín?" Ó ní, "Èmi ni, Àǹtí." "Ta ló ń pọn omi?" "Èmi náà ni." "Ta ló ń wẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ?" Kò dáhùn mọ́, ó kàn ń wo ògiri.

Táìmù-tébù kẹta tó máa ya nìyẹn láàárín oṣù mẹ́ta. Ìkankan nínú wọn kò pé ọjọ́ mẹ́rin kó tó dẹnu kọlẹ̀, ọmọ náà sì ti gbà pé òun ni ọ̀lẹ. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọdún pọ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní Àbújá, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa. Ó kọ́kọ́ to àwọn iṣẹ́ ìwé sílẹ̀, ó wá ń wá ibi tí iṣẹ́ ilé máa gbà kọjá láàárín wọn. Ọmọ tí ilé rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to iṣẹ́ ilé, kó wá wo àyè tó ṣẹ́kù, kó sì mọ irú ìwé tí àyè kọ̀ọ̀kan lè gbà. Bí a ṣe ṣe é fún un nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ bí ó ṣe rí gan-an

Kí o tó ya ìlà kankan, mú ìwé kékeré kan, kó máa wà nínú àpò aṣọ rẹ fún ọjọ́ méje. Ohunkóhun tí o bá ṣe nílé, kọ ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí o parí. Má kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ. Bí o bá jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì ṣùgbọ́n tí o sùn lé e fún wákàtí kan, wákàtí kan ni kí o kọ.

Ohun tí a rí nínú ìwé ọmọ wa yà ìyá rẹ̀ pàápàá lẹ́nu. Omi pípọn, tí gbogbo wa rò pé ìṣẹ́jú 15 ni, ń gba ìṣẹ́jú 50, nítorí pé aago 5 ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń tò sídìí ẹ̀rọ omi. Oúnjẹ alẹ́ ń gba wákàtí kan ààbọ̀, nítorí pé láti orí ata gígún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwo fífọ̀ ń gba ìṣẹ́jú 25. Ìwé kíkà, tó ní òun ń fi wákàtí mẹ́ta ṣe lálaalẹ́, kò pé wákàtí márùn-ún ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nígbà tí a ṣírò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìyókù, orí rẹ̀ kàn ń wó lulẹ̀ lórí tábìlì ni.

Má fo ìgbésẹ̀ yìí. Láìsí i, o kò ní nǹkan tí o máa fi han òbí rẹ.

Pín iṣẹ́ ilé sí mẹ́ta

Mú ìwé kékeré náà, kí o sì ya àwọn iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn kan ní aago, wọn kò ṣeé sún: kí àwọn àbúrò wẹ̀ láàárọ̀, kí oúnjẹ alẹ́ délẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Àwọn kan ní ọjọ́ ṣùgbọ́n wọn kò ní aago: aṣọ fífọ̀, ata lílọ̀, ọbẹ̀ sísè, ilé nínù. Àwọn kan sì wà tí ẹlòmíràn lè ṣe, tí ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló mọ́ wọn lára. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 11. Kò sí ohun tó ní kó má lè fọ àwo tàbí kó gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré.

Àwọn tó ní ọjọ́ láìní aago yẹn ni àyè pọ̀ sí jù. Ní tiwa, ọbẹ̀ ló já sí. Ilé-ìwé wọn máa ń tètè jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. A wá fi ọbẹ̀ sí ọ̀sán Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun: ata àti tòmátò tó máa tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a dín kó gbẹ dáadáa. Iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà a kì í fi ọkàn sí fíríìjì. A máa ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó hó dáadáa kó má bàa kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ̀ yóò bu ọbẹ̀ tuntun díẹ̀ wálé láti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ rẹ̀. Báyìí, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ìrẹsì tàbí ẹ̀bà nìkan ló kù kí ọmọ ṣe, wákàtí kan ààbọ̀ sì di ìṣẹ́jú 45.

Ní ti omi, a sún un kúrò ní aago 5. Máírúwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kọjá lójú títì máa ń wá láàárọ̀ Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta kó kún dúrọ́ọ̀mù. Owó lèyí, mo mọ̀, kì í ṣe gbogbo ilé ló lè san án. Bí kò bá sí owó, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí o kúrò nídìí ẹ̀rọ omi lásìkò tí gbogbo ayé wà níbẹ̀. Ọmọ kan ní kíláàsì mi máa ń pọn tiẹ̀ ní aago 3 ọ̀sán, nínú oòrùn, ìṣẹ́jú 15 péré ló sì ń lò.

Bí o ṣe máa bá òbí rẹ sọ ọ́

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bà á jẹ́. Wọn á dúró dìgbà tí ìyá bá ní kí wọ́n wá fọ àwo, wọn á wá ní, "Mọ́mì, mò ń kàwé." Létí ìyá tó ti dúró nídìí iná láti aago 5 àárọ̀, àìgbọràn ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Mú ìwé kékeré rẹ lọ bá wọn nígbà tí ara wọn bá balẹ̀, má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí o kò fẹ́ ṣe. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ wa lọ bá ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo nǹkan kan." Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé náà, ó kà á, ó tún padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ní, "Ìṣẹ́jú àádọ́ta lórí omi?" Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "Mi ò ní kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi mà. Wákàtí kan ni mo ń tọrọ, aago mẹ́rin sí márùn-ún, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Tó bá ti lu márùn-ún, mo ti wà ní kíṣìnnì." Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló pe ọmọkùnrin rẹ̀, ó ní láti ọ̀la lọ, àwo alẹ́ di tiyín méjèèjì.

Wákàtí kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni kí o tọrọ. Òbí lè dáàbò bo wákàtí kan. "Ẹ jẹ́ kí n máa ráyè kàwé" kò ní ìdí tí wọ́n lè dì mú.

Mọ irú àyè tí o ní

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ilé ti jókòó, àyè mẹ́ta ló ṣẹ́kù fún ọmọ wa lójúmọ́. Wọn kò dọ́gba rárá.

Ìdájí ni àkọ́kọ́, aago 4:45 sí 5:20, kí ìrun ìdájí tó pè. Ìṣẹ́jú 35 ni. Ilé dákẹ́, ilẹ̀ sì tutù. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru Àbújá kì í jẹ́ kéèyàn ronú dáadáa lálẹ́, nítorí náà ìdájí ni a fi pamọ́ fún ohun kúkúrú tó ń béèrè ojú tó mọ́. Ìkejì ni aago 4 sí 5 ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, tó sinmi fún ìlàjì wákàtí, tó sì kí Àsárì. Wákàtí tó níye lórí jù nìyí, nítorí pé kò tíì wọ kíṣìnnì. Ìkẹta ni aago 8 sí 8:45 alẹ́, lẹ́yìn àwo àti ìrun Ìṣáì. Ara ti rẹ̀ nígbà yẹn, iná lè má sí, ẹ̀fọn sì ń kọrin.

Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọọdún ni pé àwọn ọmọ máa ń fi ìṣirò àti físíìsì sí alẹ́, nítorí pé alẹ́ ló gùn jù lójú wọn. Wákàtí kan ṣáájú iṣẹ́ kíṣìnnì ju méjì lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ohun tó bá le jù fún ọ, fi sí aago 4. Ohun tí o fẹ́ràn, tí o lè bá ṣeré, ni kó lọ sí alẹ́. Aago 9:15 ni kí o ti wà lórí ibùsùn. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, tiwa kò sì ju 7 àti ààbọ̀ lọ, ìlàjì wákàtí ọ̀sán ló ń fi kún un. Nítorí náà ẹ má ṣe gé oorun ọ̀sán yẹn, ẹ má sì wò ó bí ìwà ọ̀lẹ.

Fi ìdánwò fúnra rẹ̀ wọn iṣẹ́ tí àyè máa gbà

"Ka ìṣirò" kì í ṣe iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó parí. Bí o ṣe máa mọ iye tí wákàtí kan lè gbà ni pé kí o wo bí WAEC ṣe ń pín àkókò.

Tíọ́rì ìṣirò jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀. Ìbéèrè márùn-ún ni dandan ní apá àkọ́kọ́, máàkì 40. Ní apá kejì, wọ́n á fún ọ ní mẹ́jọ kí o mú márùn-ún, máàkì 60. Ìyẹn ìbéèrè mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú 150, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà wákàtí ìṣirò aago 4 sí 5 ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: ìbéèrè mẹ́ta láti inú pásíìtì kúẹ́ṣọ̀n, ìṣẹ́jú 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìwé wà ní pípadé, kí ìṣẹ́jú 15 tó kù jẹ́ ti yíyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìṣẹ́jú 15 bá pé tí o kò tíì parí, fa ìlà síbẹ̀, bọ́ sí òmíràn. Ibi tí o fa ìlà sí yẹn ni olùkọ́ rẹ nílò láti rí lọ́la.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀bújẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 80 nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdájí oníṣẹ́jú 35 lè gba ìbéèrè 30, tí yóò jẹ nǹkan bí ìṣẹ́jú 23, kí ìyókù jẹ́ ti àtúnyẹ̀wò. Ọmọ wa kọ́kọ́ ń gba 14 nínú 30. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n, ó ń pẹ́ jù lórí àwọn tí kò mọ̀, kò sì ń dé ẹ̀yìn. Nígbà tí a gbé aago síwájú rẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ó kí wọ́n sì padà wá.

Fún bàọ́lọ́jì, jọ́gíráfì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lálẹ́, má ka ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé tí a bá ń kà ní àkàtúnkà máa ń tan èèyàn, ojú á ti mọ̀ ọ́n, ọpọlọ kò ì tíì mú un. Ka ojú ewé méjì, pa á dé, mú abala ìwé òfìfo kan, kí o kọ gbogbo ohun tí o rántí, kí o sì ya àwòrán rẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí ìwé, kí o fi bírò pupa kọ ohun tó sá mọ́ ọ lọ́wọ́. Pupa yẹn ni iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn.

Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe tí ẹnu kò ṣe

Nígbà tí ọwọ́ rẹ bá wà nínú ọṣẹ, ẹnu rẹ ṣófo. Má gbìyànjú láti kọ́ nǹkan tuntun níbẹ̀, kò ní wọlé. Ibẹ̀ wà fún àtúnsọ.

Ohun tí ọmọ wa ń ṣe rèé. Tó bá ti tò àwọn àwo, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí abala páálí, ó fi í ti fèrèsé lókè ibi ìfọwọ́. Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, "kíndìnrín" ló wà níbẹ̀. Ó ń fi kànìnkànìn họ ìkòkò, ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọlé, ibi tí a ti ń sẹ́ ẹ, ohun tí a dá padà sínú ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó di ìtọ̀. Àbúrò ń fi aṣọ nu àwo, ó ń wo ìwé nótì tó ṣí sórí ìgò omi. Lẹ́ẹ̀kan ó ní, "Ẹ fo ibì kan o." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ronú títí ó fi rántí pé òun kò tíì sọ ibi tí ṣúgà ti ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ọdún 11 kò ní láti mọ bàọ́lọ́jì. Kó sáà lè ka ohun tó wà lójú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ náà bí a ṣe tò ó

Ọjọ́ Ajé: ìdájí, ọ̀bújẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Aago 4, ìṣirò. Alẹ́, bàọ́lọ́jì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìdájí, ìbéèrè ìṣirò méjì péré. Aago 4, kẹ́mísìrì. Alẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, sífíìkì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú: ìdájí, ọ̀bújẹ́ kẹ́mísìrì. Aago 4, ìṣirò. Alẹ́, bàọ́lọ́jì.

Ọjọ́bọ̀: ìdájí, ìsọnísókí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Aago 4, físíìsì. Alẹ́, jọ́gíráfì.

Ọjọ́ Jímọ̀: ìdájí, físíìsì. Ọ̀sán jẹ́ ti ọbẹ̀. Alẹ́ ṣófo, kó sinmi, kó bá àwọn ará ilé ṣeré. Kí aṣọ wà nínú omi ọṣẹ kó tó sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: aṣọ fífọ̀ aago 6 sí 8. Ìdánwò kan ní odindi, aago 8:30 sí 11. Yíyẹ ìdánwò náà wò, aago 4 sí 5.

Ọjọ́ Àìkú: Àṣàlátù láàárọ̀. Aago 4 sí 5:30 ṣófo.

Bí o bá ro ó pọ̀, wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 25 ni, láìka ti ọjọ́ Àìkú. Ó kéré lójú ẹni tó ní òun ń ka wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ọmọ wa ń kà tẹ́lẹ̀.

Ìdánwò ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣe ohun àfikún, òun ni òpó ọ̀sẹ̀ náà. Odindi pépà kan ni, ìṣirò ní ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́mísìrì tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní òmíràn, lórí tábìlì, fóònù lọ́wọ́ ìyá, omi mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí dídìde títí aago yóò fi lù. Ọmọ tí kò bá tíì jókòó fún wákàtí méjì ààbọ̀ rí, ọjọ́ ìdánwò gan-an ló máa mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Tó bá di aago 4, kó máàkì í, kó sì kọ gbogbo àṣìṣe sínú ìwé kan tí kò wà fún nǹkan mìíràn. Kì í ṣe ìdáhùn ló máa kọ, ìdí tó fi kùnà ni: mi ò mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n mo ṣi ìbéèrè kà, mo mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n àkókò tán. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn "mi ò mọ̀ ọ́n" yẹn ló máa kọ́kọ́ wọ wákàtí aago 4. WAEC pẹ̀lú máa ń gbé àbọ̀ àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò jáde lórí ìkànnì wọn, níbi tí wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kùnà lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá ọmọ yín ka ti ọdún kan péré lórí iṣẹ́ tó le jù fún un.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fọ́

Ọ̀sẹ̀ á fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tiwa, ibà mú àbíkẹ́yìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ọmọ wa ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló jókòó tì í lálẹ́. Àyè mẹ́fà ló sọ nù. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ó ti ń gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ náà, ó fẹ́ jí ní aago 3. Mo ní rárá.

Ohun tó sọ nù ní aago 4 nìkan ni wọ́n ń san padà, ọjọ́ Àìkú sì ni wọ́n ń san án. Kẹ́mísìrì ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ìṣirò Ọjọ́rú jẹ́ wákàtí méjì, àyè Àìkú sì jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀. Ó ṣe ìbéèrè mẹ́ta nínú ìṣirò, ìṣẹ́jú 45, ó fi ìṣẹ́jú 45 tó kù sí kẹ́mísìrì, a sì yẹ̀ wọ́n wò pa pọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdájí àti alẹ́ tó sọ nù, a dárí jì wọ́n. Tí kò bá sí ohun tó sọ nù, àyè Àìkú yẹn jẹ́ ti ìsinmi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan sí i ṣáájú.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí o máa wò. Bí àyè kan náà bá sọ nù nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àyè yẹn ni kò dáa, sún un. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tiwa sọ nù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ máa ń pẹ́ délé lálẹ́ ọjọ́ náà. A gbé jọ́gíráfì lọ sí ìdájí, ìsọnísókí wá sí alẹ́ Àbámẹ́ta fún ìṣẹ́jú 35. Àmì kejì: lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mú ọ̀kan nínú ìbéèrè ìṣirò ọjọ́ Ajé, kí o ṣe é láìwo ìwé. Bí kò bá jáde, o kò tíì kọ́ ọ, o kàn wo ẹlòmíràn tó ṣe é ni.

Àwọn kan máa ka èyí tí wọ́n sì ń ta ọjà fún òbí lẹ́bàá ọ̀nà títí di aago 9 alẹ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àyè mẹ́ta. Ìdájí àti òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ló ní. Kó má tan ara rẹ̀ pé òun máa ka iṣẹ́ mẹ́jọ dọ́gbadọ́gba. Yunifásítì máa ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún tó bá ohun tí ó fẹ́ kọ́ mu, èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, àti ìṣirò náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Márùn-ún yẹn ni kó kọ́kọ́ gba ìdájí rẹ̀, kó sì fi etí gba ìyókù ní kíláàsì. Kí olùkọ́ kan bá òbí náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, òbí sì fi ọmọ sílẹ̀ ní aago 6 fún oṣù méjì tó ṣáájú ìdánwò.

Nígbà tí táìmù-tébù WAEC bá jáde

Bó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, WAEC á ti gbé ọjọ́ pépà kọ̀ọ̀kan jáde. Mú bírò, kọ ọjọ́ àti aago pépà tìrẹ sí ara ògiri, kí gbogbo ilé rí i. Láti ìgbà yẹn, ìdájí àti aago 4 kì í ṣe ti ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mọ́, ti pépà tó súnmọ́ jù ni. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan aago oorun, má sì fọwọ́ kan aago tí o ń wọ kíṣìnnì. Ilé ti mọ̀ ọ́n báyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí wákàtí kan rẹ dúró.

Àwọn pépà kan máa ń wà láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án. Fún àárọ̀ tí pépà bá wà, bá òbí rẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú pé ẹlòmíràn ni kó wẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ka àwọn ọjọ́ náà lára ògiri. Lábẹ́ ìwé WAEC, ó fi gègé ìkọ̀wé tirẹ̀ kọ àwọn ọjọ́ tí òun fúnra òun máa pẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mẹ́fà ni wọ́n, ó sì fi ìlà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.